Wáǹ Sítórì ti Húsítìn, Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kan ti Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ náà kéré, kò sì le, gbogbo wa la rò pé a mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti ná ìdílé wa lówó, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, a pe àlejò kan wá sí ètò yìí, ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí. Yàrá tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀ wà ní Yábàá, lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Mo fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí i, mo ní kó bọ́ sí fẹ́ẹ̀sì fúlọ̀, kó kan ilẹ̀kùn tó wà lápá òsì. Aago méjì lù, n kò rí i. Nígbà tó di aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo pè é.

“Ibo lẹ dé?”

“Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín látàárọ̀, mo ń kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn.”

“Ẹnu ọ̀nà wo? Ṣé ẹ ti gòkè?”

“Òkè kẹ̀? Ẹ ní fẹ́ẹ̀sì fúlọ̀. Fẹ́ẹ̀sì fúlọ̀ náà ni mo wà yìí.”

Ilẹ̀kùn télọ̀ ló ń kàn. Télọ̀ ò sì ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Ká sọ pé ó ṣí ni, bóyá wọn ì bá ti wọn aṣọ fún un.

Kì í ṣe pé àlejò wa ò gbọ́ èdè o. Ohun tí mo kọ ló ṣe gẹ́lẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ibi tí èèyàn bá ti ìta wọlé, tí kò tíì gun ohunkóhun, ibẹ̀ ni fẹ́ẹ̀sì fúlọ̀. Tó bá gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kan, ó ti dé sẹ́kọ́ńdì fúlọ̀. Ní ìlú Ọba, ìsàlẹ̀ ń jẹ́ gíráǹdì fúlọ̀, wọn kì í kà á mọ́ nọ́ńbà. Ẹ ní láti gòkè lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó dé fẹ́ẹ̀sì fúlọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú Ọba la ti kọ́ tiwa, nítorí náà bí wọ́n ṣe ń kà á ní Lọ́ńdọ̀nù la ṣe ń kà á ní Èkó. Èdè kan náà ni gbogbo wa ń sọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn odidi kan ló wà láàárín wa.

Tí ẹ bá ń lọ sí Amẹ́ríkà, ẹ máa kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ yìí nínú ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè. Tí ẹ bá fẹ́ jáde síta, tí ẹ ń wá G lára bọ́tìnnì, ẹ lè má rí i. Nọ́ńbà 1 ló sábà máa ń wà níbẹ̀, nígbà mìíràn L. Ohun tó yẹ kí ẹ máa wò ni ìràwọ̀ kékeré kan, báyìí, ★, tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Òfin wọn nípa àwọn tó ní ìpèníjà ara ló mú un wá, kí ẹni tí kò ríran lè fi ọwọ́ wá a. Ìràwọ̀ yẹn ń sọ pé ibi tí ẹ̀nu ọ̀nà gbòǹgbò ilé náà wà nìyí. Nọ́ńbà lè purọ́ fún yín, ìràwọ̀ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé tí wọ́n bá kọ́ ilé sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí títì lè wà ní fúlọ̀ kejì, kó jẹ́ pé ibi ìgbọ́kọ̀sí ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni nọ́ńbà yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Yàrá 214 ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa gòkè. Yàrá 214 ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ẹni tó ń gbé báàgì onílo mẹ́tàlélógún ló máa mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ìyẹn, ẹ̀rín ni. Èyí tó kàn yìí kì í ṣe ẹ̀rín.

Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, ń gbé ní Húsítìn, ó ti lé lógún ọdún níbẹ̀. Ó fẹ́ kọ́ ilé fún màmá wọn, ìyẹn màmá wa àgbà, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Orúnkún ti ń dun màmá wa. Àtẹ̀gùn mẹ́ta lásán tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àtijọ́, wọ́n á dúró sinmi lórí ìkejì. Nítorí náà, ilé tí kò ní òkè rárá ni àǹtí mi ní lọ́kàn. Wọ́n rí bàbá kọ̀ntírátọ̀ kan, èèyàn gidi ni bàbá náà, mi ò ní bú wọn. Àǹtí mi ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí Wásáàpù, Yorùbá díẹ̀, Òyìnbó díẹ̀, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe.

“Bàbá, ilé tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi kọ́, wáǹ sítórì ni o. Yàrá mẹ́ta. Mi ò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Wáǹ sítórì. Ó ti yé mi, mà. Ẹ ṣé gan-an, mà.”

Ẹ gbọ́ o. Ní Amẹ́ríkà, ilé wáǹ sítórì ni ilé tó ní ìpele kan ṣoṣo, ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun tí àwa ń pè ní bọ́ńgálò. Ní Nàìjíríà, tí ẹ bá sọ fún bíríkìlà pé ẹ fẹ́ kọ́ wáǹ sítórì, ohun tó máa gbọ́ ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan: ìsàlẹ̀, àti òkè kan lórí rẹ̀. Tú sítórì, ìsàlẹ̀ àti òkè méjì. Ẹ tún wá wò ó, ibí yìí kì í ṣe ìjà Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà mọ́. Lórí ọ̀rọ̀ fẹ́ẹ̀sì fúlọ̀, a wà lẹ́yìn ìlú Ọba. Lórí ọ̀rọ̀ sítórì, ìlú Ọba wà pẹ̀lú Amẹ́ríkà, ìpele tí èèyàn lè dúró lé ni àwọn méjèèjì ń kà, ìyàtọ̀ wọn kò ju pé àwọn ará ìlú Ọba máa ń fi lẹ́tà e kan sí i nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́. Àwa nìkan la dá dúró.

Kí ló fà á? Èrò tèmi ni pé èdè wa ló fà á. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó tó túmọ̀ sí “lókè” la yí padà tó di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òkè ló wà nínú orúkọ náà láti ìpìlẹ̀. Tí Yorùbá bá ka pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, iye ìgbà tí wọ́n fi ilé lé ilé lórí ló ń kà. Ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kankan, kí lẹ fẹ́ kà níbẹ̀? A wá gbé ìkà yẹn wọ inú Òyìnbó wa, ó sì bá wa mu. Ẹ wo ilé àwọn míṣọ́nnárì tó wà ní Àgbádárìgì, tí wọ́n parí ní 1845, tí gbogbo ìwé ìtàn ilé ìwé wa ń pè ní ilé sítórì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìsàlẹ̀ àti òkè kan ni. Ẹni tó bá ti Amẹ́ríkà dé, tó bá gbọ́ pé ilé sítórì àkọ́kọ́ nìyí, lè bi yín pé: ṣé àwọn baba ńlá yín ò ní ilé kankan ṣáájú 1845 ni? Torí pé létí tirẹ̀, gbogbo ilé ló ní sítórì, ó kéré tán ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá kọ̀ntírátọ̀ fi ìwé ìnáwó ránṣẹ́. Owó náà ga. Àǹtí mi pariwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe bí ẹni pé nǹkan ti wọ́n nílé ni, ta ni kò mọ̀ pé símẹ́ǹtì ti wọ́n? Ohun tí kò wò ni pé nínú ìwé náà, irin onímílímítà mẹ́rìndínlógún pọ̀ nínú rẹ̀, àti pákó dẹ́kìn, àti òkúta fún kọnkéré dẹ́kìn. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì kọ́lé rí, dẹ́kìn ni kọnkéré pẹlẹbẹ tí wọ́n ń da sórí ìsàlẹ̀, tó máa di ilẹ̀ fún àwọn ará òkè. Bọ́ńgálò kì í ní dẹ́kìn, páànù ló kàn. Ọ̀rọ̀ dẹ́kìn fara hàn lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìwé yẹn. Èmi náà rí ìwé náà o, mo kàn wo ìsàlẹ̀ ibi tí àròpọ̀ owó wà ni. Mo ní ìpín tèmi nínú ẹ̀bi náà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá fi fọ́tò ránṣẹ́ sínú gúrúùpù ìdílé. Nínú fọ́tò náà, ihò mẹ́rìnlá ni wọ́n gbẹ́, onígun mẹ́rin, jinlẹ̀ dáadáa. Nínú mẹ́fà, wọ́n ti da kọnkéré, irin sì ń yọrí jáde sókè bí èsùsú. Èmi tí mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan ya fídíò níbi ìkọ́lé rí, mo mọ̀ pé irin báyìí kì í yọrí jáde lásán. Òpó ni wọ́n fẹ́ gbé sókè. Bọ́ńgálò tí a sábà ń kọ́ níbí, kòtò gígùn ni wọ́n ń gbẹ́ tẹ̀lé ibi tí ògiri máa gbà, kọnkéré nísàlẹ̀, búlọ́ọ̀kù lórí, ó tán. Ògiri fúnra rẹ̀ ló ń gbé páànù. Ilé tó bá ní òkè ló nílò òpó tó tó bẹ́ẹ̀, torí pé dẹ́kìn wúwo, òpó ló sì máa gbé ẹrù náà lọ sínú ilẹ̀.

Mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé: “Àǹtí, ṣé ilé yìí máa ní òkè ni?” Kí àǹtí mi tó dáhùn, ohùn màmá wa àgbà ti wọlé, torí pé àbúrò mi ti fi fọ́tò hàn wọ́n:

“Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta lẹ ń kọ́ òkè fún? Ṣé èmi tí mò ń di ògiri mú kí n tó dé balùwẹ̀? Ẹ bá mi sọ fún un kó fi okùn kún un, kí ẹ lè máa fà mí gòkè.”

Àǹtí mi pe bàbá kọ̀ntírátọ̀. Bàbá ò jiyàn. “Wáǹ sítórì lẹ pè é, mà. Mo ṣì ní ohùn yín lórí fóònù.” Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́, àwọn méjèèjì ló gbọ́ ara wọn dáadáa. Ìyẹn ló mú irú àṣìṣe yìí burú. Tí ẹnì kan bá sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ kò gbọ́ rí, ẹ máa béèrè. Ọ̀rọ̀ tí ẹ mọ̀ dunjú ni ẹ kì í béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Wọ́n wá ń wá bí wọ́n ṣe máa ṣàtúnṣe. Àǹtí mi ní, “Ó dáa, kí n máa pè é ní kí? Mi ò fẹ́ dúpúlẹ́ẹ̀sì.” Mo tún dá a dúró, torí pé kòtò mìíràn nìyẹn. Ní Nàìjíríà, dúpúlẹ́ẹ̀sì ni ilé ìdílé kan tó ní òkè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ wà nínú pálọ̀. Ní Amẹ́ríkà, dúpúlẹ́ẹ̀sì ni ilé kan tí wọ́n pín sí méjì fún ìdílé méjì, wọ́n lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sọ nílé pé òun ra dúpúlẹ́ẹ̀sì ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ilé á ti máa fojú inú wo àtẹ̀gùn mábù. Ó lè jẹ́ ilẹ̀kùn méjì tó dojú kọ títì kan náà. Bọ́ńgálò pàápàá kò mọ́ tán, torí pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi pe irú ilé kékeré àtijọ́ kan tó lè ní yàrá lábẹ́ òrùlé, pẹ̀lú àtẹ̀gùn. Tí ẹ bá fi orúkọ rọ́pò orúkọ, ẹ kàn ń kó láti inú kòtò kan sí òmíràn ni.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé a fi orúkọ sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ẹsẹ̀ máa ṣe. Àǹtí mi sọ fún bàbá pé: “Bàbá, láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá màmá, mi ò fẹ́ kí wọ́n gun nǹkan kan. Kò gbọ́dọ̀ sí àtẹ̀gùn nínú ilé. Kò gbọ́dọ̀ sí dẹ́kìn. Páànù ló máa wà lórí yàrá ìsàlẹ̀.” Kò sí ẹni tó lè gbọ́ ìyẹn sódì, yálà ó wà ní Húsítìn tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá náà wá béèrè ìbéèrè kan tí a ò ronú kàn: “Lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́, mà? Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, a máa gbé fáúndéṣọ̀n sókè kí omi òjò má baà wọlé. Àtẹ̀gùn mẹ́ta á wà níta.” Ẹ rí i, nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ẹsẹ̀, àtẹ̀gùn ìta náà jáde. Wọ́n fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọnkéré rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú irin ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ilé gogoro, òfin kan náà ni mo ń lò báyìí nígbà tí mo bá ń júwe ọ̀nà fún àlejò. N kì í kọ fẹ́ẹ̀sì fúlọ̀ mọ́. Mo ń kọ pé: “Ẹ gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kan, lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀.” Ẹ lè sọ gíráǹdì fúlọ̀ fún ìsàlẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà gbọ́ ìyẹn. Nọ́ńbà òkè ni kò ní ààbò. Tí ẹ bá sì ń báni sọ̀rọ̀ ilé gíga, ẹ béèrè nọ́ńbà tó wà lára bọ́tìnnì, ẹ má ka fèrèsé láti ìta. Ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà ló fo nọ́ńbà 13 torí ìgbàgbọ́ pé kò mú oríire wá, wọ́n á lọ láti 12 sí 14. Ẹni tó bá ka fèrèsé á ṣìnà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé láti òkèèrè, ẹ ní kí wọ́n fi pùláànù ránṣẹ́ kí wọ́n tó da kọnkéré kankan. Ẹ kò nílò láti jẹ́ akíténkítì. Ẹ wá ibi tí àwọn ìlà kúkurú tò pọ̀ mọ́ra bí eyín ìyarun, tí ọfà kan gba àárín wọn kọjá, tí wọ́n kọ UP sí. Àtẹ̀gùn nìyẹn. Tí ilé náà bá ní òkè, àwòrán yàrá á jẹ́ méjì, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún òkè. Ẹ tún lè béèrè lọ́wọ́ kọ̀ntírátọ̀ pé: “Dẹ́kìn mélòó ni?” Òdo ni ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹyọ kan ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Àwọn ẹnjiníà máa ń kọ ọ́ ní `G+1`, ìyẹn ìsàlẹ̀ àti òkè kan, òun ló sì dáa jù láti fi sínú àdéhùn tí ẹ máa fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà pé gbogbo bíríkìlà ló mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ kan sí i, kí ó má ṣẹ̀rù bà yín. Bí iṣẹ́ bá dé ìpele tí wọ́n da kọnkéré sí ilẹ̀ inú ilé, wọ́n á sọ fún yín pé “a ti dé jámáànì fúlọ̀.” Ìyẹn kì í ṣe òkè. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yín ni. Àǹtí mi gbọ́ ọ, àyà rẹ̀ já, ó pè mí láàárín òru.

Ní ti àdánù wa, ihò mẹ́fà tí wọ́n ti da kọnkéré sí ti lọ nìyẹn. Wọ́n gé irin tó yọrí, wọ́n fi yanrìn kún ihò mẹ́jọ tó kù, wọ́n sì fún un mọ́lẹ̀ dáadáa. Irin gígùn tí wọn kò tíì gé, tó jẹ́ mítà méjìlá-méjìlá, wọ́n tà á fún ẹlòmíràn ní owó tó kéré sí iye tí a rà á. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dáa ni àṣìṣe náà gbà ṣẹlẹ̀. Fáúndéṣọ̀n tó lè gbé òkè, bọ́ńgálò kò lè wúwo fún un. Ká ní òdìkejì ni, ká ní ẹni tó ń sanwó fẹ́ òkè, tí bíríkìlà gbẹ́ kòtò bọ́ńgálò, tí wọ́n wá rántí lẹ́yìn tí ògiri ti dúró, tí ẹnì kan ní “ẹ kàn bá mi da dẹ́kìn lé e,” ewu ńlá nìyẹn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ sán láti igun fèrèsé, ìlà tó dá bùú lọ sókè, ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Tí ẹ bá rí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ dẹ́kìn, ẹ kọ́kọ́ kó àwọn èèyàn jáde ná, kí ẹ tó pe ẹnjiníà.

Màmá wa àgbà ti wọ ilé wọn. Wọ́n ń gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn wọlé láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n sì ń sá ẹ̀gẹ́ sí i lára lọ́sàn-án. Bàbá kọ̀ntírátọ̀ ṣì máa ń yà kí wọn. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti dé, màmá á pariwo láti inú pálọ̀ pé: “Ẹ máa gòkè bọ̀ o!”